Kí Ni ADD Tó Wà Lórí Ìwé Awò Ojú?

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ lórí ìwé awò jẹ́ ti ọ̀ọ́kán. Òun ló ń jẹ́ kéèyàn rí pátákó kedere láti ẹ̀yìn kíláàsì.

ADD yàtọ̀ sí i. Téèyàn bá ti lé ní ogójì ọdún, lẹ́ńsì inú ẹyinjú á ti le, kò ní lè yí ara rẹ̀ padà dáadáa mọ́ láti wo nǹkan tó wà nítòsí. Ìdí nìyẹn táwọn òbí wa fi ń na ìwé jìnnà sójú. ADD ni àfikún tí wọ́n ń rò mọ́ nọ́ńbà ọ̀ọ́kán kí wọ́n lè kàwé. Kì í ṣe òun nìkan ni awò ìkàwé o!

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí:

Ọ̀ọ́kán: −2.00
ADD: +2.00
Àròpọ̀: 0.00

Ẹni yìí kàn máa bọ́ awò ni, á sì kàwé. Tó bá lọ ra +2.00 lọ́jà, gbogbo ohun tó bá kọjá nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 sójú rẹ̀ á ṣú bàìbàì.

Àmọ́ tí ọ̀ọ́kán bá jẹ́ +1.00, ADD kan náà á mú un di +3.00. Awò +2.00 ò ní tó o.

Torí náà, kí màmá tó ra awò, ẹ kọ́kọ́ bá wọn ro ó pọ̀.