Òṣùká Ọwọ́ Màámi: Bí a Ṣe Ń Gé Ọ̀rọ̀ Abẹ́ Àwòrán Kù sí Ìlà Méjì

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwé ìrántí yìí kéde pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ fi àwòrán ìgbà èwe wọn ránṣẹ́, a sọ fún wọn pé ìlà méjì péré ni àyè wà fún lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ìlà kan nínú ìwé wa kì í gbà ju nǹkan bí 60 lẹ́tà lọ, bí a bá ka àlàfo àárín ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Àwòrán dé. Ọ̀rọ̀ tí ó bá wọn wá kò sì mọ ní ìlà méjì rárá. Òmíràn kún ojú ìwé kan tinú-tẹ̀yìn. Èmi ni wọ́n ní kí n máa gé wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ tú palẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé òun ni ó pẹ́ lọ́wọ́ mi jù. Ẹni tí ó ni ín ti gbà kí n lò ó, bí n kò bá ti dárúkọ òun.

Àwòrán náà jẹ́ ti ọmọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ tuntun, tí ṣòkòtò rẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Obìnrin kan dúró tì í lẹ́nu géètì, àpótí onírin sì wà nílẹ̀ níwájú wọn. Ọ̀rọ̀ tí ó bá a wá nìyí, gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ ọ́:

“Màámi ọ̀wọ́n, orísun ayọ̀ mi, ìyá tí kò ní àfiwé láyé yìí! Bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ni omijé ń dà lójú mi. Ọjọ́ tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ yìí ní ọdún 1978 ni a ya àwòrán yìí ní ẹnu géètì. Ẹ wo bí wọ́n ti dúró tì mí, pẹ̀lú ìró àti bùbá wọn. Wọ́n jìyà púpọ̀ nítorí mi, wọ́n fi ebi pa ara wọn kí èmi lè kàwé. Lọ́jọ́ náà, owó ọkọ̀ tán lọ́wọ́ wa ní gáréèjì, àwọn ló sì ru àpótí mi dé ilé ẹ̀kọ́ láìráhùn. Gbogbo ohun tí mo dà lónìí, ọlá wọn ni. Wọ́n fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 2009. Títí láé ni n ó máa rántí yín, Màámi. Ẹ sùn re o.”

Ọ̀rọ̀ náà tó nǹkan bí 120. Kò sí irọ́ kan nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tí ọmọ kò lè sọ nípa ìyá rẹ̀. Bí a bá sì fẹ́ mú un wọ ìlà méjì, nǹkan bí mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ ni yóò kúrò. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá ń fi ìkánjú gé ọ̀rọ̀ lè gé ẹran ara pọ̀ mọ́ ọ̀rá. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo fi ìwé bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, mo sì wo àwòrán nìkan. Ohun gbogbo tí ojú lè rí fúnra rẹ̀ kò yẹ kí ó tún gba àyè nísàlẹ̀. Géètì wà nínú àwòrán, a ti rí i. Ìró àti bùbá, a rí i. Pé ìyá dúró ti ọmọ, ojú kò lè ṣàìrí i. Gbólóhùn kan odindi àti ìdajì òmíràn kúrò bẹ́ẹ̀, ọkàn ọ̀rọ̀ náà kò sì mì. Ọdún 1978 ni àwòrán kò lè sọ, àti pé ọjọ́ ìwọlé ni. Nítorí náà, àwọn méjèèjì dúró.

Lẹ́yìn èyí, mo mú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí ó kù, mo sì bi ara mi pé, bí a bá gbé e sí abẹ́ àwòrán ìyá ẹlòmíràn nínú ìwé yìí kan náà, ǹjẹ́ yóò bá a mu? “Orísun ayọ̀ mi” bá gbogbo wọn mu. “Ìyá tí kò ní àfiwé” bá gbogbo wọn mu, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ó ní àfiwé gan-an. Pé ìyá jìyà, pé ó fi ebi pa ara rẹ̀, pé ọlá rẹ̀ ni ọmọ ń jẹ: mo ka irú rẹ̀ lábẹ́ àwòrán méje mìíràn lọ́sẹ̀ náà. Kì í ṣe pé wọn kì í ṣe òtítọ́. Òtítọ́ tí gbogbo ènìyàn ní ni wọ́n, ẹni tí ń kà á yóò sì kọjá lára wọn bí ẹni ń kọjá lára ògiri. Omijé tí ń dà lójú akọ̀wé náà kúrò pẹ̀lú, nítorí pé ẹkún ẹni tí ń kọ̀wé kì í pa ẹni tí ń kàwé lẹ́kùn-ún; ohun tí ó pa akọ̀wé lẹ́kùn-ún ni a níláti fi hàn án.

Nígbà tí mo ṣe èyí tán, nǹkan mẹ́ta péré ni ó ṣẹ́ kù: ọjọ́ ìwọlé ní 1978, àpótí tí ìyá rù láti gáréèjì, àti ikú rẹ̀ ní 2009. Gbólóhùn àpótí nìkan ni kò lè dúró sí abẹ́ àwòrán ẹlòmíràn. Mo mọ̀ nígbà náà pé ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ wà.

Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kíní: “Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun àti ìyá rẹ̀, ọdún 1978.” Ó kúrú, ó péye, ó sì kú. Bí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni ó rí. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì: “Màámi ru àpótí mi láti gáréèjì lọ́jọ́ tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé owó ọkọ̀ tán.” Èyí sàn jù. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí a tìtorí àyè yọ àmì ohùn kúrò. Àmì kì í fẹ ìlà, bẹ́ẹ̀ ni “owó ọkọ” tí kò ní àmì yóò sọ pé owó baálé ilé ni ó tán.) Síbẹ̀, ohun kan kù díẹ̀ káàtó. Mo fi í han ọmọ mi obìnrin. Ó kà á, ó ní ó dára, ó sì ṣí ojú ìwé kejì. Kò padà wo àwòrán. Àmì tí mo máa ń wò nìyẹn. Ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán tí ó bá ṣiṣẹ́ rẹ̀ yóò dá ojú padà sókè, kí ẹni náà lè wo ohun tí kò rí tẹ́lẹ̀.

Mo tún mú àwòrán náà, mo fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Mo rí nǹkan kan ní ọwọ́ òsì obìnrin náà, aṣọ tí a ká róbótó. Mo rò pé gèlè ni, ṣùgbọ́n gèlè wà lórí rẹ̀. Kò yẹ kí ènìyàn méfò sí irú ọ̀rọ̀ báyìí, nítorí pé ohun tí a bá tẹ̀ sínú ìwé kì í ṣeé dá padà. Mo pe ẹni tí ó ni ín lórí fóònù.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó wà lọ́wọ́ Màmá nínú àwòrán yín?”

Wọ́n dákẹ́. Mo gbọ́ tí wọ́n ń wá awò ojú wọn. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n ní, “Àbúrò, òṣùká ni. Òṣùká tí wọ́n fi ru àpótí náà ni. Láti 1978 ni mo ti ní àwòrán yìí, n kò rí i rí.”

Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ ọkàn rẹ̀ kò tilẹ̀ sí nínú 120 ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ. Inú àwòrán ni ó wà. Ohun tí a tẹ̀ nìyí:

Ọjọ́ tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ yìí, ọdún 1978. Màámi ló ru àpótí mi
láti gáréèjì wá; òṣùká wọn ló ṣì wà lọ́wọ́ wọn yẹn.

Ìlà kìíní jẹ́ lẹ́tà 57, èkejì jẹ́ 49. Kò sí “ọ̀wọ́n” níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n “Màámi” dúró. Ẹni tí ó lè sọ “ìyá mi” tí ó sì sọ “Màámi” ti sọ ìfẹ́ rẹ̀ tán. Mo fi “Màámi ló ru” dípò “Màámi ru”, nítorí pé “ló” yẹn ń sọ pé kì í ṣe alábàárù, kì í ṣe ọmọ fúnra rẹ̀. Mo kọ́kọ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Àwọn ló ru” gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ ọ́, kí ọ̀wọ̀ má bàa dínkù, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ kúkúrú bẹ́ẹ̀, òǹkàwé yóò rò pé èrò púpọ̀ ni ó ru àpótí. Nígbà tí “Màámi” bá ti ṣáájú, “wọn” tí ó tẹ̀ lé e kò lè ru ẹnikẹ́ni lójú, ọ̀wọ̀ sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Owó ọkọ̀ tí ó tán kúrò, nítorí pé ẹni tí ó bá rí òṣùká tí ó sì gbọ́ gáréèjì yóò mọ ìdí rẹ̀ fúnra rẹ̀. “Yẹn” tí ó gbẹ̀yìn ni ó dà bí ìka tí a nà sí àwòrán. Mo tún fi í han ọmọ mi. Ó padà wo òkè.

Ọ̀rọ̀ ikú ni ó fa àríyànjiyàn láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n náà. “Ṣé kí n wá ṣe bí ẹni pé wọn kò kú ni?” Mo dáhùn pé ọjọ́ ìwọlé ni àwòrán náà ń sọ, àti pé bí a bá fi 2009 kún un, òǹkàwé yóò fi òṣùká sílẹ̀, yóò máa kẹ́dùn. Bí ó bá jẹ́ pé a pe Màmá síbi ayẹyẹ, tàbí pé ẹnikẹ́ni lè fi àṣìṣe kí wọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó wà láàyè, n óò ti fi “olóògbé” sí i láìjanpata. Orúkọ àwọn méjèèjì ti wà lókè àwòrán gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe fún gbogbo àwòrán inú ìwé yìí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, “mo” àti “Màámi” kì bá ti nítumọ̀, orúkọ ni ì bá sì jẹ ìlà kìíní. Ìdí nìyí tí ọgbọ́n yìí kò fi bá àwòrán kíláàsì mu, níbi tí a níláti to orúkọ ogún ènìyàn láti ọwọ́ òsì sí ọ̀tún.

Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún wọn. Mo dá ìwé tí wọ́n kọ padà fún wọn pátápátá, n kò jù ú nù. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá gba àwòrán wọn, wọ́n yá bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n yí àwòrán náà dà, wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní ka lẹ́tà fún wọn: “Ẹ sùn re o, Màámi.”