Gbèdéke Ìlò àti Ojú-àmì Ìtúnrà: Ètò Ọjà Ìpamọ́ ní Ṣọ́ọ̀bù Aṣerunlóge

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "ó ti bàjẹ́", ni àwọn aṣerunlóge fi ń kó ohun méjì pọ̀. Bí òróró bá yọ sókè lójú ìpara ìnarun tí wọ́n ń pè ní rílásà, wọn a ní ó ti bàjẹ́. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ nípa èyí tí kò yí padà rárá ṣùgbọ́n tí déètì ti kọjá lórí rẹ̀. Ìbàjẹ́ ti àkọ́kọ́ hàn sí ojú, ooru sì lè fà á kí déètì tó pé. Èkejì kò hàn sí ẹnikẹ́ni: òpin ẹ̀rí tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọjà náà jẹ́ nípa rẹ̀ ni. Orúkọ tí ó tọ́ sí òpin yìí ni *gbèdéke ìlò*.

Gbèdéke mìíràn wà tí a kì í fiyè sí. Lára ọ̀pọ̀ ohun ìṣaralóge ni àwòrán ìkòkò kékeré kan wà tí ìdérí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí a kọ 12M tàbí 6M sí. Oṣù ni M dúró fún, ọjọ́ tí a ṣí ọjà náà ni kíkà rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, láti ọdún 2005 ni àmì yìí ti di dandan fún ohun ìṣaralóge tí ó lè pẹ́ ju oṣù 30 lọ láìṣí. A lè pè é ní *gbèdéke ìṣí*. Kò wúlò fún ẹni tí kò kọ ọjọ́ tí ó ṣí ìgò sára ìgò náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìgò lítà 1 omi H₂O₂ tí wọ́n ń pò mọ́ aró irun, tí a kọ 12M sí. Bí oníbàárà kan péré bá ń pa irun láró lóṣooṣù, tí mílílítà 60 sì ń tó o, mílílítà 720 ni yóò tán láàárín ọdún kan. 280 yóò di dídànù. Ìgò kékeré ni irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ìbá máa rà, bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó wọ́n jù.

Ní ti rílásà, iye tí ó yẹ kí ó wà lórí pẹpẹ ṣeé ṣírò. Kí a sọ pé ike 2 ni ṣọ́ọ̀bù kan ń lò lọ́sẹ̀, tí ọjà sì ń gba ọ̀sẹ̀ 3 kí ó tó dé lẹ́yìn tí a bá ti béèrè fún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí ni *àkókò ìretí*. Ike 6 ni yóò tán nínú rẹ̀. Bí a bá fi ike 2 kún un gẹ́gẹ́ bí *ọjà ìṣọ́ra*, nítorí ọjà tí ó lè pẹ́ lójú ọ̀nà, *ojú-àmì ìtúnrà* di ike 8. Nígbà tí ó bá ku ike 8 ni a ó tún béèrè. Bí ike 8 bá sì ni a ń béèrè lẹ́ẹ̀kan, ike 2 ni yóò kù nígbà tí tuntun bá dé, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì jẹ́ 10. Pẹpẹ kò nílò ju èyí lọ.

Ènì ni ó sábà máa ń da ìṣirò yìí rú. Oníṣòwò kan lè sọ pé ẹni tí ó bá ra páálí 4, tí ike 12 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò gba páálí kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ike 60 nìyẹn, èyí tí ṣọ́ọ̀bù náà yóò lò fún ọ̀sẹ̀ 30. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ 20 péré kí gbèdéke ìlò wọn pé, ike 40 ni a lè lò, 20 yóò sì ṣòfò. Ike 12 ni ènì. Ike 8 tí a fi owó rà sì ti bá a lọ. Ọjà tí oníṣòwò ń sáré lé jáde kì í sábà ní gbèdéke tí ó jìnnà, nítorí náà déètì ni kí olùrà kọ́kọ́ wò, kí ó tó bi í ní iye owó.

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni *àkọ́dé-àkọ́lò*: èyí tí ó kọ́kọ́ wọlé ni a ó kọ́kọ́ lò. Kò tó. Bí ike 2 tí ó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá ní gbèdéke tí ó jìnnà ju ti páálí márùn-ún yìí lọ, tí a sì kọ́kọ́ lò wọ́n, ọ̀sẹ̀ kan yóò ti lọ, ike 22 ni yóò sì ṣòfò dípò 20. *Àkọ́parí-àkọ́lò* ni ó yẹ: èyí tí gbèdéke rẹ̀ súnmọ́ jù ni kí ó wà níwájú pẹpẹ, ìgbà yòówù kí ó wọlé.

Gbogbo ìṣirò yìí dúró lórí pé a pa ọjà mọ́ síbi tí ó tutù. Lábẹ́ páànù tí oòrùn ń pa, H₂O₂ a máa túká di omi àti ọ́síjìn kí gbèdéke tó pé. Ohun kan náà ni ìdọ̀tí ń ṣe sí i bí a bá da àjẹkù padà sínú ìgò. Ìgò tí ikùn rẹ̀ wú, tí ó sì ń fín nígbà tí a bá ṣí i, ti ń tú ọ́síjìn sílẹ̀. Aró tí a bá fi irú omi bẹ́ẹ̀ pò kì í mú irun dáadáa, ohun yòówù tí déètì ara rẹ̀ ìbáà máa sọ.