Méjì Kọ́ Ni Méjìméjì: Ẹ̀kọ́ Lórí Àpètúnpè Nínú Ẹsẹ Ifá

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ o, ẹ̀yin ará ilé Ifá àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bá wa kẹ́kọ̀ọ́ níbí.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ tún ìkíni yẹn wò. Ọ̀rọ̀ tó parí rẹ̀, ìyẹn ṣíṣẹ, ara ṣẹ ló ti wá. A mú kọ́ńsónáǹtì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe náà, a fi í olóhùn òkè tì í lẹ́yìn, a wá gbé e síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni ṣẹ ṣe di ṣíṣẹ, tí lọ di lílọ, tí rú di rírú. Àwọn olùkọ́ èdè ń pe èyí ní àpètúnpè ẹlẹ́bẹ, torí pé apá kan ọ̀rọ̀ la tún pè. Tó bá jẹ́ odindi ọ̀rọ̀ la tún pè, bí kíá ṣe di kíákíá, àpètúnpè kíkún nìyẹn. Lónìí, ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ni pé àpètúnpè kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ nínú ẹsẹ Ifá. Ó máa ń yí iye padà, ó máa ń yí àsìkò padà. Ẹni tí kò bá fetí sí i dáadáa, ẹbọ tó máa kà fún èèyàn lè má pé.

Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí rí. Àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta kan wá bá mi ní Ìlaró láti ìhà Ayétòrò. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko bàbá wọn ló kó wọn wá, wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ara wọn yé mọ́. Mo dá Ifá fún wọn. Mi ò ní dárúkọ odù tó yọ, torí ọ̀rọ̀ ilé onílé ni. Ẹbọ tó jáde ni pé kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú ẹyẹlé méjìméjì àti obì mẹ́rinmẹ́rin wá. Ọmọ awo tó jókòó tì mí ló kọ ọ́ sínú ìwé. Ohun tó kọ ni "ẹyẹlé méjì, obì mẹ́rin." Èmi náà ò gba ìwé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ wò. Mo ní kó fún ẹ̀gbọ́n wọn, ó di ọ̀la.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n gbé ẹyẹlé méjì dé pẹ̀lú obì mẹ́rin. Àbúrò wọn obìnrin wo àgò ẹyẹlé náà títí, ó wá béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ti ta ni ẹyẹlé yìí?" Ẹ̀gbọ́n ní ti gbogbo wọn ni. Èkejì wọn ní irọ́ ni, ó ní ẹ̀gbọ́n ti fẹ́ dá rúbọ fún orí ara rẹ̀ bó ṣe fẹ́ dá gba ilẹ̀. Ilé mi kan gbọn-ingbọn-in. Ẹ̀gbọ́n ò ṣe nǹkan kan, ìwé tí a fún un ló tẹ̀ lé. Ẹ̀bi wà lọ́rùn èmi tí mo jẹ́ kí ìwé náà jáde láìyẹ̀ ẹ́ wò. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn, mo ṣàlàyé, wọ́n sì lọ mú ìyókù wá.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀. Àwọn ọmọ mẹ́ta ni. Tí ẹsẹ bá ní kí wọ́n mú ẹyẹlé méjì, ẹyẹlé méjì péré ni, kí gbogbo wọn pawọ́ pọ̀ rà á. Tó bá ní kí wọ́n mú ẹyẹlé méjìméjì, ẹnì kọ̀ọ̀kan ni yóò mú méjì, ẹyẹlé 6 nìyẹn. Obì mẹ́rinmẹ́rin náà á di 12. Tó bá wá ní ẹyẹlé méjèèjì, iye ò kúrò ní méjì, ṣùgbọ́n ó ní láti jẹ́ ẹyẹlé tí a ti mẹ́nu bà tẹ́lẹ̀, tí a fẹ́ kó wá láìku ọ̀kan. Inú ọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni ìró ti tún ara rẹ̀ pè: méjì di méjèèjì, mẹ́ta di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mẹ́rin di mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìtumọ̀ tí èyí fi kún un ni "gbogbo wọn pátá." Ti méjìméjì, ìtumọ̀ tó fi kún un ni "fún ọ̀kọ̀ọ̀kan." Ọ̀nà méjì láti tún ìró kan náà pè, ìtumọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè wá bi mí pé, tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló wá dá Ifá ńkọ́, tí ẹsẹ sì ní méjìméjì? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé méjìméjì máa ń wá ohun tí a ó pín in lé lórí. Tí kì í bá ṣe èèyàn, ó lè jẹ́ irúfẹ́ nǹkan. Tí a bá ní kí obìnrin kan rú eku, ẹja àti ẹyẹlé ní méjìméjì, eku 2, ẹja 2, ẹyẹlé 2, àròpọ̀ rẹ̀ 6. Ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ ìtò ló ń sọ: tí a bá ní àwọn àlejò ń wọlé ní méjìméjì, a ò lè fi ìyẹn mọ iye tí gbogbo wọn jẹ́. Nítorí náà, kí awo tó sọ iye fún ẹnikẹ́ni, kó kọ́kọ́ wo ohun tó ṣáájú: ta ni a ń pín in fún, tàbí kí ni a ń pín in lé lórí?

Àwọn oǹkà ńlá náà ní tiwọn. Tí mo bá ní mo fún àwọn ọmọ ní ogoogún náírà, ogún náírà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn wá síbi ọdún, mi ò pín nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé wọ́n pọ̀, ẹgbẹ̀rún lórí ẹgbẹ̀rún. Ibi tí a bá ti rí ẹni tó ń gbà, "ọ̀kọ̀ọ̀kan" ni. Ibi tí a ò bá ti rí i, "ọ̀pọ̀lọpọ̀" ni.

Ìyẹn ti iye. Ẹ jẹ́ ká wá sórí àsìkò, torí ibẹ̀ náà ni àwọn èèyàn ti máa ń ṣì í gbọ́. Ọrún ni ọjọ́ karùn-ún, tí a bá ka òní mọ́ ọn. Tí òní bá jẹ́ Mọ́ńdè, ọrún rẹ̀ bọ́ sí Fúráìdè. Tí mo bá sọ fún ẹnì kan pé kó wá bọ Ifá lọ́rún, Fúráìdè yẹn nìkan ni, ó parí. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kó máa bọ ọ́ lọ́rọọrún, ohun tó ń padà wá ni. Fúráìdè á di ọjọ́ kìn-ín-ní fún ìkà tó tẹ̀ lé e, ọrún tó kàn á bọ́ sí Túsìdè, èyí tó tún kàn á bọ́ sí Sátidé, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí lọ. Ẹ wo bí a ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀: a mú fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ àti kọ́ńsónáǹtì tó tẹ̀ lé e, a tún fáwẹ̀lì yẹn pè, a wá so odindi ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Ọrún di ọrọọrún, ọdún di ọdọọdún, oṣù di oṣooṣù, ọ̀sẹ̀ di ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìró mẹ́ta péré ló fi pẹ̀ka, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ọrún dípò ọrọọrún á bọ Ifá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á wá máa ṣe kàyéfì pé òun ti ṣe ohun tí wọ́n ní kóun ṣe.

Ẹ̀ka kẹta ni ti ọ̀rọ̀ tó ń yan nǹkan. Àdìẹ ńlá lè jẹ́ ọ̀kan. Àdìẹ ńláńlá ti ju ọ̀kan lọ, bí ẹnu ò tilẹ̀ dárúkọ iye. Bẹ́ẹ̀ náà ni igbá kékeré àti igbá kéékèèké. Ṣùgbọ́n ẹ má fi èyí ṣe òfin fún gbogbo ọ̀rọ̀ o. Àkùkọ dúdú kì í ṣe àkùkọ méjì, kì í sì í ṣe èyí tó dú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe dú ni a tún pè kó lè di ọ̀rọ̀ tí a ń fi yan nǹkan. Iṣẹ́ tí àpètúnpè ṣe níbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ní ti kíákíá ẹ̀wẹ̀, agbára ló fi kún un: ẹni tí a ní kó yára kíákíá gbọ́dọ̀ yára ju ẹni tí a kàn ní kó yára lọ.

Àwọn ibìkan sì wà tó jọ àpètúnpè tí kì í ṣe òun. Labalábá jọ ọ́ létí, ṣùgbọ́n tí ẹ bá dá a sí méjì, laba kò ní ìtumọ̀ kankan. Orúkọ kòkòrò náà ni, kò fi nǹkan kan kún nǹkan kan. Ọ̀yẹ̀kú Méjì náà kò sí níbẹ̀. Lórí ọpọ́n ni àmì ti jẹ́ méjì, ọ̀tún àti òsì rí bákan náà, bó ṣe rí fún ojú odù 16. Nínú 240 tó kù, ọ̀tún àti òsì yàtọ̀ síra. Oǹkà lásán ni èdè fi sọ ọ́.

Èyí tó máa ń tan ọmọ awo jù ni ti ìyẹ̀rẹ̀. Tí a bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀, a lè tún ìlà kan pè lẹ́ẹ̀mẹta kí elégbè lè rí i gbè. Tí ẹ bá gbọ́ "ẹyẹlé méjì, ẹyẹlé méjì," ẹyẹlé ṣì jẹ́ méjì. Bí ẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n nìyí: nínú orin, orúkọ ohun náà máa ń bá oǹkà padà wá, ẹnu á sì dúró díẹ̀ láàárín wọn. Nínú àpètúnpè gidi, oǹkà nìkan ló tún ara rẹ̀ pè, mímí kan náà la sì fi pè é. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìwé níbi èyí, torí àwọn kan ń kọ ọ́ pọ̀, àwọn mìíràn ń yà á sọ́tọ̀. Etí ni kẹ́ ẹ lò.

Láti ọjọ́ àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta yẹn, ọmọ awo mi kì í kọ méjìméjì sílẹ̀ kó má kọ àròpọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ó máa ń kọ ọ́ báyìí: "ẹyẹlé méjìméjì, èèyàn 3, ẹyẹlé 6." Èmi á wò ó kí ìwé náà tó kúrò nílé.

Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú èyí wò: ìyàwó méjèèjì ní kí àwọn máa gbé igbá àgbàdo mẹ́tamẹ́ta wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 4. Igbá mélòó ni gbogbo rẹ̀? Ẹni tó bá rí 24 ti gbọ́ gbogbo àpètúnpè inú rẹ̀. Ẹni tó rí 12 ti gbàgbé pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ìyàwó ló ń gbé mẹ́ta. Ẹni tó rí 6 rò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n á gbé e wá.

Ogbó ató o. Àbọrú, àbọyè.