Ta Ló Kó ‘Àmù Nówìn’ Wọ̀lú?

Oníwàásù kan lórí rédíò ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń wàásù, ògbufọ̀ dúró tì í. Ó ní, ‘Gọ́ọ̀dù ìsì nówìn yù.’ Ògbufọ̀ ò tiẹ̀ mí rárá, ó ní, ‘Ọlọ́run ń mọ̀ ọ́.’ Ìjọ ṣe àmín. Èmi ò ṣe é. Ọlọ́run tó bá ń mọ̀ mí, a jẹ́ pé kò tíì mọ̀ mí tán nìyẹn. Ó ṣì ń wádìí mi lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò.

Ó ti pẹ́ tí àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti ń sọ fún wa pé Yorùbá ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì wa jẹ́. Bí ọmọ bá kọ ‘àmù háfìn tú mọ́tò’, wọ́n á fi bíìrò pupa fa igi sí i, wọ́n á ní èdè ìyá rẹ̀ ló ń túmọ̀. Ẹ̀sùn yẹn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí ìdajì rẹ̀ irọ́ ni. Yorùbá ìlú wo ló ń sọ pé ‘mò ń ní mọ́tò méjì’?

Gbogbo ẹjọ́ yìí, orí ń ló dá lé. Àwọn ìwé àtijọ́ a máa so ó mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Lóde òní a ti dá a dúró láyè ara rẹ̀. Ó kéré, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ pọ̀. Ó máa ń rẹ ohùn ‘mo’ sílẹ̀ di ‘mò’, ‘o’ di ‘ò’, ‘a’ di ‘à’. Kì í bá ‘kò’ gbé ilé kan náà, nítorí náà kí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń sọ pé ‘mi ò ń lọ’ jọ̀wọ́ dá a dúró. Àwọn onígírámà ní ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ atẹ́rẹrẹ ló ń fi hàn, pé nǹkan ń lọ lọ́wọ́, kò tíì tán. Òótọ́ ni, bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá jẹ́ ti ìṣe: mò ń lọ, mò ń jẹun, mò ń kọ̀wé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ máa ń yí padà bó bá bọ́ síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń sọ ipò tí nǹkan wà. Omi gbóná, omi ń gbóná. Ẹni tó fẹ́ tẹ ẹ̀bà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ẹ bá bi ọmọ léèrè láti yàrá, tó sì dáhùn láti ilé ìdáná pé ‘omi ń gbóná’, ẹ má tíì kó gààrí sójú kan. Ọsàn pọ́n, ẹ jẹ ẹ́. Ọsàn ń pọ́n, ẹ ní sùúrù. Ọmọ ga, ọmọ ń ga. Ní gbogbo ibi wọ̀nyí, ohun tí ń ń sọ ni pé nǹkan ń rin ìrìn-àjò lọ sí ipò yẹn, kò tíì débẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ‘mọ̀’ àti ‘ní’. A lè sọ pé ‘a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọra wa ni’, tàbí pé ‘ọmọ yẹn ti ń mọ̀wé’, tàbí pé ‘ọkùnrin náà ti ń lówó’. Gbogbo wọn tọ̀nà, nítorí ẹni tó ti ń lówó kò tíì dọlọ́là. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀, ó mọ̀ ni. ‘Mo mọ̀ ọ́n’ ti sọ ti ìsinsìnyí láìsí ń kankan, bẹ́ẹ̀ sì ni ‘mo lọ’ ti àná ló ń sọ. Ẹ ò wá rí i? Bí ọmọ ilé-ìwé wa bá tú ‘mo mọ̀’ sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ohun tí olùkọ́ ń fẹ́ gan-an ló máa bọ́ sí. Ká ní Yorùbá ló ń túmọ̀ ni, kì bá tí gba igi pupa.

Ibo wá ni ‘àmù nówìn’ ti wá? Mo fura sí kíláàsì fúnra rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọmọ ní ‘àmù góìn’, wọ́n kọ́ ọ ní ‘àmù ítìn’, wọ́n ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísinsìnyí nìyẹn. Ọmọ náà gbọ́n, ó rò pé gbogbo ohun ìsinsìnyí ló gbọ́dọ̀ gbé ‘ìn’ nídìí. Àwọn ará Íńdíà ń ṣe bẹ́ẹ̀, èdè tiwọn kò sì bá tiwa tan. Akéwì wọn kan, Nissim Ezekiel, tiẹ̀ fi irú Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé ewì rẹ̀ tó jáde ní 1976. Ta ló wá fẹ́ gbé ìyẹn ka Yorùbá lórí?

Ó dáa, mo ní ìdajì ẹ̀sùn ni irọ́. Ìdajì tó kù ńkọ́? Ẹni tó bá ní ‘àmù wọ́ntìn’, ọmọ wa ni, a ò lè sẹ́ ẹ. ‘Kí lẹ ń fẹ́?’ là ń bi àlejò tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. ‘À ń fẹ́ ọmọ iṣẹ́’ ni télọ̀ kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Fẹ́ gba ń wọlé nítorí pé ohun tí èèyàn ń fẹ́, ó ń wá a kiri, ìwákiri sì jẹ́ iṣẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá dùn mọ́ mi jù lọ ni ti ìgbéyàwó. ‘Ó fẹ́ Àbẹ̀kẹ́’: wọ́n ti gbéyàwó, ó ti parí. ‘Ó ń fẹ́ Àbẹ̀kẹ́’: wọ́n ṣì ń bára wọn jáde, àna kò tíì gba iṣu. Ìyá tó bá gbọ́ pé ọmọ òun fẹ́ ẹnì kan nílùú òyìnbó máa figbe ta; bó bá jẹ́ pé ó kàn ń fẹ́ ẹ ni, á béèrè ìlú tí wọ́n ti bí i. Odindi ìyàtọ̀ yẹn, ń nìkan ló gbé e.

‘Àmù híárìn yù’ náà, tiwa ni. Lórí fóònù a máa ń ní ‘mò ń gbọ́ yín’, torí ohùn ń wọlé sí wa létí lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní ‘mo gbọ́’ ti gba iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni, tàbí kẹ̀ ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti tó gẹ́ẹ́.

Ibì kan wà tí mo ti juwọ́ sílẹ̀. Lórí ètò ìlera, wọ́n máa ń ní ‘àwọn tó ń ní ìṣòro àìróorunsùn’. Ṣáájú, ó máa ń dùn mí létí. ‘Àwọn tí kì í rí oorun sùn’ ló yẹ wọn. Ṣùgbọ́n ń tún máa ń sọ ti bárakú, ohun tó ń wá tó ń lọ, àìsùn sì ń wá ó ń lọ lóòótọ́. Ó ti borí. ‘Mò ń ní orí fífọ́’ ni n kò ní gbà láéláé, nígbà tí ‘orí ń fọ́ mi’ wà nílẹ̀. ‘À ń ní ìpàdé’ náà kò sí nínú rẹ̀: à ń ṣèpàdé ni. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti ń tú odi tiwọn wó. Láti 2003 ni ilé oúnjẹ Mẹkidónáàdì ti ń fi ‘àmù lọ́fìn ìtì’ polówó, kò sì sí olùkọ́ tó fa igi pupa sí wọn.

Ọ̀kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Bí ẹ bá mọ ìlú kan nílẹ̀ Yorùbá tí àwọn àgbà ibẹ̀, àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, ti ń sọ ‘mò ń mọ̀ ọ́n’ fún ‘mo mọ̀ ọ́n’, ẹ kọ̀wé sí mi, kí ẹ sì dárúkọ ìlú náà. Títí ìgbà náà, Yorùbá kò jẹ̀bi ‘àmù nówìn’.