Agbẹjọ́ Ẹnìkan Dá: Kí Ló Dé Tí AFP àti CEA Kò Lè Dá Sọ Pé Jẹjẹrẹ Ni?

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tí àwọn èèyàn máa ń gbà bọ̀ láti láàbù ní Jọ́ọ̀sì níbí. Wọ́n á kọ AFP tàbí CEA sí i, wọ́n á wá kọ nọ́ńbà sí iwájú rẹ̀. Tí nọ́ńbà yẹn bá ga, ẹlòmíràn á bú sẹ́kún pé jẹjẹrẹ ti dé. Ẹni tí tirẹ̀ kò ga á máa dunnú lọ sílé, kò ní padà sọ́dọ̀ dókítà mọ́. Àwọn méjèèjì lè ṣì í o.

Kí ni AFP?

Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni álífà-fítopurotéènì. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tó ṣì wà nínú oyún ló máa ń ṣe purotéènì yìí jù. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ, ó máa ń pọ̀ gan-an nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ọmọ náà ṣe ń dàgbà ni yóò máa dínkù, tó bá fi máa tó ọdún kan, kò ní ju ti àgbàlagbà lọ mọ́. Nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, kì í sábà ju 10 ng/mL lọ. Ìwọ̀n tó kéré jọjọ ni. Ṣíbí tíì kan gba nǹkan bíi 5 mL, ẹ wá pín gíráàmù kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan kí ẹ tó rí ng kan.

Ní ọdún 1963, onímọ̀ kan ní Mọ́sìkò tó ń jẹ́ Abelev rí i nínú ẹ̀jẹ̀ eku tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Tatarinov rí i nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn tó ní irú àrùn kan náà. Ìdí rẹ̀ ni pé tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ bá di jẹjẹrẹ, ó lè tún bẹ̀rẹ̀ sí hùwà bíi ti ìgbà tó wà nínú oyún. Ó dà bí àgbàlagbà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí rákò.

Ibi tí wàhálà wà

Kì í ṣe jẹjẹrẹ nìkan ló ń gbé AFP sókè. Tí obìnrin bá lóyún, AFP ọmọ inú rẹ̀ á wọ inú ẹ̀jẹ̀ ìyá, kò sì sí àrùn níbẹ̀. Tí kòkòrò hẹpatáítìsì bá ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ẹ̀dọ̀ á máa ṣe sẹ́ẹ̀lì tuntun láti fi dí àlàfo, àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun yìí náà á sì máa ṣe AFP. Ẹ̀dọ̀ tó ti kún fún àpá lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Lódì kejì, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ kan wà tí kì í ṣe AFP rárá, pàápàá tó bá ṣì kéré.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an ni. Nínú ìwádìí tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, nǹkan bí ẹni 8 nínú 100 láàárín ọdún 15 sí 64 ló ní hẹpatáítìsì B. Àrùn yìí wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ jù nílẹ̀ wa. Ṣé ẹ rí i báyìí? Àwọn tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ náà ni àwọn tí hẹpatáítìsì lè gbé AFP wọn sókè láìsí jẹjẹrẹ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò

Àpẹẹrẹ lásán ni o. Ẹ jẹ́ ká mú ẹni 1,000 tó ní hẹpatáítìsì B, ká ní ẹni 10 nínú wọn ló ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. A ní tí AFP bá ti ju 20 lọ, ó ga nìyẹn. Ká ní àyẹ̀wò náà rí 6 nínú àwọn 10 yẹn, ó sì ṣèèṣì mú ẹni 10 nínú 100 àwọn tí kò ní in.

Àwọn tí kò ní jẹjẹrẹ jẹ́ 990, àyẹ̀wò á ṣèèṣì mú 99 nínú wọn. Tí a bá fi 6 kún 99, ẹni 105 ni AFP wọn ga. Nínú 105 yìí, 6 péré ló ní jẹjẹrẹ. Àwọn 99 yòókù ti ń sunkún lásán. Ẹni 4 tó ní in ní tòótọ́ ti gba ìwé tó dára lọ sílé. Àwọn 4 yìí ló dùn mí jù.

Báwo ni dókítà ṣe ń ṣe é?

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo bàbá kan ní Àpáta tó ní hẹpatáítìsì B, tí AFP rẹ̀ jẹ́ 85. Dókítà kò ní sọ pé jẹjẹrẹ ni, kò sì ní sọ pé kò sí nǹkan. Yóò wo ALT, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi hàn bóyá ẹ̀dọ̀ ń bàjẹ́ lọ́wọ́. Yóò ní kí wọ́n ṣe sikánì ẹ̀dọ̀ láti wá kókó. Tí ALT bá ga, tí sikánì kò sì rí kókó, ó lè fún un ní oògùn hẹpatáítìsì, kó sì tún AFP yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tí ALT àti AFP bá jọ ń sọ̀ kalẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ hẹpatáítìsì ló gbé e sókè.

Ṣùgbọ́n tí ALT bá sọ̀ kalẹ̀, tí AFP wá di 85, 190, 420, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Tàbí kí sikánì rí kókó. Nígbà náà ni wọ́n á ṣe sítíì sikánì, wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ oògùn tó ń jẹ́ kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ hàn. Kókó jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ máa ń tètè tàn yòò, kó tó wá ṣú ju ẹ̀dọ̀ tó yí i ká lọ. Tí kò bá tíì yé wọn, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú kókó náà, wọ́n á fi maikirosíkóòpù wò ó.

CEA ńkọ́?

Gold àti Freedman ló rí CEA ní Kánádà ní 1965, nínú jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé yóò máa fi jẹjẹrẹ ìfun hàn. Ó wá hàn pé ẹni tó ń mu sìgá, ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń dùn, àti ẹni tí ìfun rẹ̀ wú lè ní CEA tó ga. Jẹjẹrẹ ìfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sì lè má gbé e sókè rárá.

Ibi tó ti wúlò jù ni ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ. Ká ní CEA ẹnì kan jẹ́ 40 kí wọ́n tó gé jẹjẹrẹ náà kúrò, tó wá di 3 lẹ́yìn oṣù kan àbọ̀. Tó bá tún ń gòkè lẹ́yìn náà, dókítà á tètè fi sikánì wá a. Nọ́ńbà aláìsàn náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń fi wé ara wọn níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹlẹ́rìí kan ni AFP, ẹlẹ́rìí kan ni CEA. Kí dókítà tó dájọ́, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ti sikánì àti ti àwọn ẹlẹ́rìí tó kù.

Ìbéèrè (ẹ mú ìdáhùn yín wá sí ìpàdé)

1. Obìnrin kan lóyún oṣù márùn-ún, AFP rẹ̀ sì ju 10 lọ. Kí ló fà á?
2. Ẹ tún ìṣirò wa ṣe, kí ẹni 50 nínú 1,000 ní jẹjẹrẹ. Ẹni mélòó ni AFP wọn á ga, mélòó ló sì ní in ní tòótọ́?
3. Kí ló dé tí ALT fi ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ bàbá ará Àpáta yẹn?