Ṣé Yorùbá Ni Ó Ń Ba Gẹ̀ẹ́sì Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó Jẹ́?

Ẹ̀sùn kan wà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń kà sí Yorùbá lọ́rùn. Bí ọmọ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó bá kọ ọ́ sínú àròkọ rẹ̀ pé àwọn àgbà ilé ‘dìsíkọ́ọ̀sì àbáòtù’ ọdún Ẹ̀yọ̀, tàbí pé òun ‘rìtọ́ọ̀nù báàkì’ sílé láti Ìdúmọ̀tà, tàbí pé ìyá òun kò lè ‘kóòpù ọ́ọ̀pù’ pẹ̀lú ìnáwó ilé, olùkọ́ yóò fi gègé pupa fa igi sí i, yóò sì sọ pé, ‘Yorùbá ni o túmọ̀.’ Máàkì lọ nìyẹn, ọmọ náà á sì máa rò pé èdè ìyá òun ni ó gbé e ṣubú. Àwa tí a ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì kò gbọdọ̀ gba irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ láìwádìí, a kò sì gbọdọ̀ kọ̀ ọ́ láìwádìí. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo kọ àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà bí a ti ń gbọ́ wọn lẹ́nu ará Èkó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí àṣìṣe náà jẹ́. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà tí kì í lè gba àbọ̀ láìsí atọ́kùn tàbí ọ̀rọ̀ kékeré kan lẹ́yìn wọn. Àwọn mìíràn kò fẹ́ nǹkan kan láàárín àwọn àti àbọ̀ wọn. ‘Dìsíkọ́ọ̀sì’, tí í ṣe kí a jíròrò, wà lára àwọn tí kò fẹ́. Ohun tí a jíròrò ni ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e tààrà, láìsí ‘àbáòtù’. ‘Kóòpù’ ń fẹ́ ‘wíìtì’ nìkan. Ní ti ‘rìtọ́ọ̀nù’, ohun tí ‘báàkì’ ń sọ ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí pé ‘rì’ tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, tí ó ti inú èdè Látìnì gba ti Faransé wá, ni ó ń tọ́ka sí ìpadà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rí ‘rì’ yìí, bí kò bá ṣe ẹni tí ó kọ́ Látìnì?

Ọ̀nà kan wà tí a lè fi dán ẹ̀sùn náà wò. Kí a tú gbólóhùn náà sí Yorùbá, kí a sì wò ó bóyá Yorùbá ní àyè kan tí ọ̀rọ̀ àṣelé náà lè bọ́ sí. Bí àyè náà bá wà, a lè fura sí Yorùbá. Bí kò bá sí, ibòmíràn ni kí a wá olè náà lọ.

Orí ‘rìtọ́ọ̀nù báàkì’ ni ẹ̀sùn náà ti lágbára jù. Ká ní obìnrin kan ra aṣọ ní Balógun, tí ó délé tí ó rí i pé ó ti ya. Yóò dá aṣọ náà padà. ‘Dá padà’ jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là: àbọ̀ rẹ̀ máa ń là á sí méjì, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń la ‘bàjẹ́’ nínú ‘ó ba aṣọ jẹ́’, àti ‘gbàgbọ́’ nínú ‘mo gba Ọlọ́run gbọ́’. Àyè méjì ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà ní, ọ̀kan ṣáájú aṣọ, ìkejì lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ọmọ Èkó bá fẹ́ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó fi ‘rìtọ́ọ̀nù’ sí àyè ‘dá’, ó bá àyè ‘padà’ lófìfo, ó sì fi ‘báàkì’ dí i. Ohun tí ó ń ṣe é kì í ṣe àìmọ̀ rárá. Bí ó bá lo ‘gífù’, tí í ṣe kí a fúnni, dípò ‘rìtọ́ọ̀nù’, tí ó sì fi ‘báàkì’ sí ìparí, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yóò pé pérépéré. Nítorí náà, kí olùkọ́ má kàn sọ pé ‘báàkì’ pọ̀ jù. Kí ó fi hàn án pé ‘gífù báàkì’ dà bí ‘dá padà’ tí a là sí méjì, ṣùgbọ́n pé ‘rìtọ́ọ̀nù’ kì í là.

Nígbà tí a bá dé orí ‘dìsíkọ́ọ̀sì àbáòtù’, ẹ̀rí náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Lóòótọ́, a máa ń sọ̀rọ̀ nípa nǹkan, ‘nípa’ sì jọ ‘àbáòtù’. Ṣùgbọ́n ‘jíròrò’ gan-an, orí nǹkan ni a sábà máa ń ṣe é. ‘A jíròrò lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà’ ni a ó gbọ́ ní ìpàdé ẹbí. Bí ó bá jẹ́ pé ìtumọ̀ lásán ni ọmọ náà ṣe, ‘dìsíkọ́ọ̀sì ọ́ọ̀nù’ ni ìbá wí. (A kúkú ń gbọ́ ìyẹn náà.) Ibi tí ‘àbáòtù’ ti rí ẹsẹ̀ fi wọlé wà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ tí a ṣẹ̀dá láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe yìí, ìyẹn ‘dìsíkọ́ṣọ̀n’, ń gba ‘àbáòtù’ láìsí àṣìṣe kankan, ‘tọ́ọ̀kì’, tí wọ́n jọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìtumọ̀ kan náà, sì ń gbà á. Ọmọ tí ó gbọ́ méjèèjì, kí ni yóò mú un rò pé ẹ̀kẹta wọn kò gbọdọ̀ gbà á?

‘Kóòpù ọ́ọ̀pù’ ni ó dá Yorùbá láre pátápátá. Báwo ni a ṣe ń sọ ọ́? ‘Apá mi kò ká a.’ ‘N kò lè fara dà á.’ Kò sí ‘òkè’ níbẹ̀, kò sí ‘sókè’, kò sí àyè kankan tí ‘ọ́ọ̀pù’ lè bọ́ sí. Ọmọ náà gbọ́ ‘kíìpù ọ́ọ̀pù wíìtì’, tí í ṣe kí a bá nǹkan rìn láìrẹ̀yìn. Ó gbọ́ ‘kóòpù wíìtì’ pẹ̀lú. Ohùn wọn jọra, ‘wíìtì’ wà lẹ́yìn méjèèjì, ìtumọ̀ wọn kò sì jìnnà síra. Ó wá fi aṣọ ọ̀kan wọ èkejì.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà tí àwọn olùfisùn kì í mẹ́nu bà. Àwọn ará Íńdíà ń sọ ‘dìsíkọ́ọ̀sì àbáòtù’, wọ́n ń sọ ‘rìtọ́ọ̀nù báàkì’ àti ‘kóòpù ọ́ọ̀pù’ bákan náà. Ta ni ó kọ́ wọn ní Yorùbá? Ní 1982, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ̀wé lórí Gẹ̀ẹ́sì ti Nàìjíríà, ó sì ya ọ̀nà mẹ́ta tí àwọn onímọ̀ fi ń wò ó sọ́tọ̀: àwọn kan ń wá ọwọ́ èdè abínibí nínú rẹ̀, àwọn kan ń wọn bí ó ti yà kúrò lára ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan sì ń wo ohun tuntun tí a fi ń ṣẹ̀dá. Olùkọ́ tí ó ní gègé pupa lọ́wọ́ mọ ti àkọ́kọ́ nìkan. Èmi rò pé ìdí rẹ̀ ni pé ó rọrùn láti sọ.

Ní Erékùṣù Èkó, láti ìgbà tí Ilé-ẹ̀kọ́ Gírámà ti CMS ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1859, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó jẹ́ pé inú ìwé àti ẹnu olùkọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì wọn ti wá, tí Yorùbá sì wà nílé. Bí olùkọ́ bá ń sọ ‘rìtọ́ọ̀nù báàkì’ nígbà tí ó ń gba ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe? Àwọn àṣìṣe wọ̀nyí ń ti ẹnu àgbà bọ́ sí ẹnu ọmọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni túmọ̀ nǹkan kan.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àfikún nìkan ni a ń ṣe. A ń yọ kúrò pẹ̀lú. ‘Rìpúláì mí’ ni ọmọ Èkó máa ń kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ atọ́kùn ‘tù’ láàárín. Ẹ wo Yorùbá rẹ̀: ‘Dá mi lóhùn.’ ‘Mi’ tẹ̀ lé ‘dá’ tààrà. Atọ́kùn tí ó wà níbẹ̀, ‘ní’ inú ‘lóhùn’, ẹ̀yìn ‘mi’ ni ó dúró sí. Níbí, a lè fura sí Yorùbá dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ‘áńsà’, tí òun náà jẹ́ kí a dáni lóhùn, tí kò sì fẹ́ ‘tù’ kankan.