Bí A Ṣe Ń Tún Lẹ́tà Sí Báńkì Kọ Nígbà Tí Omi Ti Gbé Ọjà Lọ

Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó yá owó ṣòwò kí omi tó dé la fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ọjà ti bá omi lọ, ṣùgbọ́n gbèsè kò bá a lọ. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti mú lẹ́tà wá sí tábìlì wa kí a bá yín yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbé e lọ sí báńkì. Ohun kan náà là ń rí nínú púpọ̀ nínú wọn: ẹ̀bẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ètò kò sí. Àwọn àgbà sì ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ̀kọ́ yìí dá lórí bí a ṣe lè sọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ di lẹ́tà tí ọ̀gá báńkì lè fọwọ́ sí.

Ohun tí ẹni tó ń ka lẹ́tà yín ń wá

Ọ̀gá báńkì kékeré tí ẹ ń bá lò kì í ṣe òun nìkan ló ń pinnu. Bó bá fẹ́ tún ètò sísan owó yín ṣe, ó gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé fún àwọn tó wà lókè rẹ̀ ìdí tó fi gbà, kó sì fi hàn wọ́n pé owó náà yóò padà wọlé. Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ló wà lọ́kàn rẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀, kí sì ni ẹ̀rí rẹ̀? Ṣé oníṣòwò yìí máa ń san owó dáadáa tẹ́lẹ̀? Ọ̀nà wo ni owó yóò gbà wọlé láti ìsinsìnyí lọ? Lẹ́tà tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti bá a ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ náà ṣe pàtàkì. Ìlànà tí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà fi lélẹ̀ fún àwọn báńkì kékeré ni pé bí ọjọ́ tí a fi jẹ owó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa ka owó náà sí èyí tó léwu sí i. Bó bá ti kọjá 90 ọjọ́, wọ́n á kà á sí owó tó ti nù. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà nínú oṣù àkọ́kọ́ ń bá báńkì sọ̀rọ̀ nígbà tí ilẹ̀ kò tíì ṣú. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá wá yín wá.

Lẹ́tà kan kí a tó tún un ṣe

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. A ṣe é fún ẹ̀kọ́ yìí ni, kì í ṣe ìtàn ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n ó jọ ohun tí à ń rí. Ìyá kan ń ta ẹja tútù inú fírísà ní àdúgbò kan létí odò Ògùn. Gbèsè rẹ̀ pẹ̀lú èlé jẹ́ 480,000 náírà, èyí tí ó yẹ kó san ní ọ̀sẹ̀ 24, 20,000 náírà lọ́sẹ̀ kan. Ó ti san ọ̀sẹ̀ 9 láìfo ìkankan kí omi tó dé, ó sì ku 300,000 náírà. Lẹ́yìn náà, ọ̀sẹ̀ 3 kọjá tí kò rí nǹkan san. Lẹ́tà tó kọ́kọ́ kọ nìyí:

"Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Omi ti kó gbogbo ohun tí mo ní lọ. Ìjọba kò ṣe nǹkan kan fún wa, òṣìṣẹ́ yín sì ń pè mí lójoojúmọ́. Opó ni mí, ọmọ mẹ́rin ni mò ń tọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ fún mi ní àkókò díẹ̀, ẹ fi èlé jì mí, kí ẹ sì tún yá mi lówó sí i kí n lè tún bẹ̀rẹ̀. Màá máa san 10,000 náírà lọ́sẹ̀. Olúwa yóò bùkún yín."

Kò sí irọ́ nínú lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á tán kò ní mọ ohun tó yẹ kó ṣe.

Ká kọ́kọ́ tún ìdí ṣe

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí a máa fà lé ni "gbogbo ohun tí mo ní". Ọ̀gá báńkì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. A ó fi ohun tó ṣeé kà rọ́pò rẹ̀: páálì ẹja mélòó, fírísà mélòó, ọjọ́ wo ni omi wọlé? Bí ìyá yìí ṣe ń dáhùn, òtítọ́ tó wúlò jáde. Fírísà 2 ló ní. Ọ̀kan ti bàjẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tún fírísà ṣe sọ pé èkejì ṣeé tún ṣe pẹ̀lú 45,000 náírà. Bó bá jẹ́ pé "gbogbo rẹ̀ ló lọ" ló wà nínú lẹ́tà, báńkì kò ní mọ̀ pé ìrètí kan ṣì wà.

Lẹ́yìn náà, a ó yọ ọ̀rọ̀ ìjọba kúrò, torí pé báńkì kò lè ṣe nǹkan kan sí i. A ó yọ ti òṣìṣẹ́ tó ń pè é náà. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣe àṣejù, lẹ́tà tirẹ̀ ló yẹ ká kọ lọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ opó àti ọmọ kì í ṣe ohun ìtìjú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí tí owó kò fi wọlé. Ibi tó ti wúlò ni ìṣirò owó oúnjẹ ilé.

A ó wá fi ohun tó gbàgbé síbẹ̀: ọ̀sẹ̀ 9 tó ti san láìfo ìkankan. Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, kò sì mẹ́nu kàn án.

Ká tún wá tún ìlérí ṣe

"Àkókò díẹ̀" kò ní ìwọ̀n. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì lójú báńkì, kó jẹ́ oṣù mẹ́fà lójú ẹni tó kọ ọ́. Bákan náà, nǹkan mẹ́ta ló tọrọ lẹ́ẹ̀kan náà: sùúrù, ìdáríjì èlé, àti owó tuntun. Ẹni tó ní òun kò lè san ti àná, tó tún ń tọrọ ti òní, ń mú kí báńkì ṣiyèméjì. A ó fi ọ̀rọ̀ owó tuntun sílẹ̀ dìgbà mìíràn.

Ibi tó léwu jù ni 10,000 náírà lọ́sẹ̀. A bi í níbo ló ti rí i, ó ní òun rò pé yóò dùn mọ́ wọn nínú ni. A bá a ṣírò rẹ̀. Lọ́wọ́lọ́wọ́, ó ń gba àyè nínú fírísà ẹlòmíràn, ó sì ń ta páálì 5 lọ́sẹ̀. Èrè páálì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4,000 náírà, àpapọ̀ rẹ̀ 20,000. Nínú rẹ̀, owó àyè fírísà gba 4,000, ọkọ̀ gba 2,500, oúnjẹ ilé gba 6,000, àjọ tó ń dá gba 2,000. Ohun tó kù ni 5,500. Bó bá ṣèlérí 10,000, ọ̀sẹ̀ kìíní gan-an ni yóò ti kùnà, ìkùnà lẹ́yìn ìlérí tuntun sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nítorí náà, 5,000 ni a kọ.

Ṣùgbọ́n kò ní wà bẹ́ẹ̀ títí. Àjọ rẹ̀ yóò tó sí i ní ọ̀sẹ̀ keje, 60,000 náírà, èyí tí yóò fi tún fírísà kejì ṣe. Láti ìgbà náà, ó lè ta páálì 9, kó jèrè 36,000. Bó bá yọ iná àti epo jẹnẹrétọ̀ 8,000, ọkọ̀ 4,000, ilé 7,000 àti àjọ 2,000, yóò ku 15,000. A kọ 13,000, kí 2,000 lè kù fún ọ̀sẹ̀ tí ọjà bá dúró.

Lẹ́tà náà lẹ́yìn àtúnṣe

"Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka. Ọjọ́ 28, oṣù kẹwàá. Nọ́ńbà owó tí mo yá: ______.

"Mo ń tọrọ pé kí ẹ bá mi tún ètò sísan owó mi ṣe. Mo ti san ọ̀sẹ̀ 9 láìfo ìkankan, ó sì ku 300,000 náírà. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá, omi wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Páálì ẹja 12 bàjẹ́, fírísà kan bàjẹ́ pátápátá, èkejì ṣeé tún ṣe. Ìdí nìyí tí n kò fi san ọ̀sẹ̀ 3.

"Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tajà padà nínú fírísà tí mo háyà àyè rẹ̀. Ohun tí mo lè san nìyí: 5,000 náírà lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 8, láti ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá, lẹ́yìn náà, 13,000 náírà lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 20. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 300,000. Owó àjọ tí yóò tó sí mi ní ọ̀sẹ̀ keje ni n ó fi tún fírísà kejì ṣe.

"Mo tún bẹ̀ yín pé kí ẹ má gba owó ìtanràn lórí ọ̀sẹ̀ 3 náà. Bí èlé yóò bá lé nítorí àkókò tó gùn sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ iye rẹ̀ fún mi kí n tó fọwọ́ sí ìwé. Mo fi fọ́tò ṣọ́ọ̀bù, ìwé Ìyálọ́jà, iye tí wọ́n máa fi tún fírísà ṣe, àti ẹ̀dà káàdì ìsanwó mi mọ́ ọn. Ẹ ṣeun."

Ẹ wò ó pé ìbéèrè ló ṣíwájú, ìdí tẹ̀ lé e, ètò tẹ̀ lé ìdí, ẹ̀rí sì kẹ́yìn. Ẹni tí kò bá ní fọ́tò lè gba ìwé lọ́wọ́ Ìyálọ́jà tàbí olùṣọ́àgùntàn tó mọ ṣọ́ọ̀bù náà.

Nígbà tí ẹ bá gbé e lọ

Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ mú lọ. Kí wọ́n fọwọ́ sí èyí tí yóò wà lọ́wọ́ yín, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ sí i. Ẹ sọ fún onídùúró yín ṣáájú, kó má ṣe jẹ́ ẹnu báńkì ni yóò ti gbọ́. Àdéhùn àtijọ́ ṣì dúró títí ẹ̀yin àti báńkì yóò fi fọwọ́ sí tuntun. Nítorí náà, ẹ má dúró de èsì kí ẹ tó san ohun tẹ́ ẹ lè san, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Bí wọ́n bá gbà, ẹ bi wọ́n ní àpapọ̀ iye tí ẹ ó san, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ kan nìkan. Owó ọ̀sẹ̀ tó kéré lè fi èlé tó pọ̀ pamọ́ sẹ́yìn. Ká ní báńkì fi 26,000 lé ti ìyá yìí, ó sàn kó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ 2 kún un ní 13,000 ju pé kí owó ọ̀sẹ̀ ga ju agbára rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ bèèrè ibi tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, kí ẹ sì tún ibẹ̀ nìkan ṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ kí a bá òun yẹ lẹ́tà wò, kó mú káàdì ìsanwó àti ìwé àdéhùn rẹ̀ wá sí tábìlì wa nínú gbọ̀ngàn ìjọ. Ẹni tí kò lè kọ̀wé náà kó wá. Yóò máa sọ ọ́, a ó máa kọ ọ́, a ó sì kà á sí i létí kó tó fọwọ́ sí i.